Owó Ọ̀yà Òṣìṣẹ́ àti Aṣọ Tí A Wọ̀: Kúthúbà Ọjọ́ Jímọ̀ọ́

Gbogbo ẹyìn ń bẹ fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo àgbáyé. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun, a sì jẹ́rìí pé Mùhámádù ẹrúsìn Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ fún ara wa, a sì ń sọ fún yín, pé kí a páyà Ọlọ́hun nínú ohun tí à ń jẹ àti ohun tí à ń wọ̀. Ní ti oúnjẹ, àwa mùsùlùmí ti mọ ìbéèrè í bi: ta ló pa ẹran yìí, ṣé ó dárúkọ Ọlọ́hun sí i? Ṣùgbọ́n aṣọ tí a wọ̀ wá sí ìrun Jímọ̀ọ́, a kì í sábà bèèrè ọ̀nà tó gbà dé ara wa.

Tí ẹ bá dé ilé, ẹ wo inú ọrùn ẹ̀wù tí àwọn ọmọ yín ń wọ̀, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ òkìríkà tó gba Kùtọ́nù wọlé. Ẹ óò rí pélébé aṣọ kan tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rán an. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ẹ óò máa rí léraléra ni Bangiladẹ́ṣì. Ilẹ̀ tí mùsùlùmí pọ̀ jù sí ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ló ń fi aṣọ rírán fún ilẹ̀ òkèèrè jẹun níbẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ìlú Sáfà, nítòsí Dákà tí í ṣe olú-ìlú wọn, ilé alájà mẹ́jọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ránà Pláásà. Orí adágún omi tí wọ́n dí ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi í ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àjà lé àjà láìgba àṣẹ tó yẹ, wọ́n sì gba ilé-iṣẹ́ aránṣọ márùn-ún sí òkè rẹ̀, tẹ̀rọtẹ̀rọ, pẹ̀lú àwọn jẹnẹrétọ̀ ńláńlá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, àwọn òpó àti ògiri ilé náà sán. Ẹnjiníà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ewu wà níbẹ̀. Báńkì tó wà nísàlẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa lọ sílé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà ti ilẹ̀kùn wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aránṣọ péjọ síta, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn kò fẹ́ wọlé. Àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n gòkè lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ wọn pé ẹni tí kò bá wọlé kò ní gba owó oṣù rẹ̀. Wọ́n wọlé. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, iná mànàmáná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ilé náà sì dà wó. Ènìyàn 1,134 ló kú. Àwọn tó fara pa lé ní 2,000, àwọn mìíràn nínú wọn sì ní láti gé ẹsẹ̀ tàbí apá kí wọ́n tó lè yọ wọ́n jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi owó oṣù yẹn. Abẹ́ òrùlé kan náà ni òṣìṣẹ́ báńkì àti aránṣọ wà, àlàpà kan náà ni wọ́n jọ rí. Kí ló jẹ́ kí ọ̀kan lè lọ sílé, tí èkejì kò fi lè lọ? Ọjọ́ 24 oṣù ni. Aránṣọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ oṣù kan, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Owó tí òfin ní kí wọ́n má san kéré sí nígbà náà jẹ́ 3,000 táká lóṣù, ìyẹn kò ju nǹkan bíi 38 dọ́là lọ. Ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ní ohun tó fi pamọ́. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ti oṣù yẹn, kò sí owó ilé, kò sí ìrẹsì nínú ìkòkò. Owó tí òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán ni wọ́n fi ṣe okùn tí wọ́n fi fà á wọ inú ilé tó ń wó.

Nítorí èyí ni Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi pa á láṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn tó gbẹ lára rẹ̀. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àánú lásán ni. Ọ̀rọ̀ agbára ni pẹ̀lú: ẹni tí owó rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn kò lómìnira láti sọ pé òun kò ṣe. Nínú hádíìsì tí Bùhárì gbà wá, Ọlọ́hun ka ẹ̀dá mẹ́ta tí Òun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó gba iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún, tí kò sì san owó rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá tó ní ilé-iṣẹ́ ni èyí, kí ló kan ilé-iṣẹ́ ńlá ní Yúróòpù tó kàn ra aṣọ? Ẹ gbọ́ bí òwò náà ṣe ń lọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní orúkọ tó wà lára aṣọ kì í sábà ní ẹ̀rọ ìránṣọ kankan. Àṣẹ ló ń fún ẹlòmíràn: ẹ rán ẹ̀wù báyìí fún mi, iye báyìí, kó dé ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ báyìí. Aránṣọ àgbà ni yóò lọ ra aṣọ àti òwú, láwìn lọ́pọ̀ ìgbà, yóò rán an, yóò kó o ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó sanwó fún un. Tó bá pẹ́, wọ́n lè gé owó rẹ̀, wọ́n sì lè ní kó fi ọkọ̀ òfuurufú kó ọjà náà wá lórí owó ara rẹ̀, èyí tó lè jẹ gbogbo èrè rẹ̀ run. Tó bá ní iye owó náà kéré jù, wọn yóò kọjú sí ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, òun náà á gbé iṣẹ́ náà fún aránṣọ kékeré tí ẹni tó ni ọjà kò mọ̀ rárá. Èyí ló fà á tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi ní àwọn kò sí ní Ránà Pláásà, títí wọ́n fi rí orúkọ wọn lára aṣọ nínú àlàpà.

A kò wí àwáwí fún ọ̀gá tó lé ènìyàn wọ inú ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé iye owó àti ọjọ́ kúrú ló ti fún ilẹ̀kùn ọgbọ́n yòókù pa. Ẹni tó bá gbé epo lájà, àwọn àgbà wa ní kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí sì lè fi ìwé àyẹ̀wò hàn wá. Òótọ́ ni, àwọn olùyẹ̀wò ti dé díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ránà Pláásà kí ó tó wó. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ àti òpó ilé kò sí nínú ohun tí wọ́n rán wọn wá wò. Ọlọ́hun fi ègbé lé àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù nínú Súrátù Mutọ́fífínà: tí wọ́n bá ń gbà, wọn á gbà á kún, tí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn, wọn á dín in kù. Àwa ka ẹni tó mọ iye òwú inú ẹ̀wù kan, tí kò sì mọ bóyá òpó ilé tí wọ́n ti rán an sán, mọ́ wọn.

Ohun mìíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìtajà ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pa, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fagi lé ọjà tí wọ́n ti pàṣẹ rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ti rán tán. Àwọn oníléeṣẹ́ aṣọ Bangiladẹ́ṣì ní ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Aránṣọ tó ti jẹ gbèsè aṣọ kò rí owó, òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù. Àwọn onímọ̀ òfin wa ti sọ̀rọ̀ lórí irú àdéhùn yìí, pé kí ènìyàn ní kí oníṣẹ́-ọwọ́ ṣe nǹkan fún òun. Ìmáámù Abú Yúsúfù, ọmọ-ẹ̀yìn Ìmáámù Abú Hánífà, ní tí iṣẹ́ bá ti jáde gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, nítorí pé oníṣẹ́ ti náwó, ó ti gé aṣọ rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè má fẹ́ ẹ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti sọ ọ́.

A sọ èyí tí ẹ gbọ́, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.

*Kúthúbà kejì*

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ìjọ, àwọn kan yóò ní ká má ra aṣọ Bangiladẹ́ṣì mọ́. A kò fara mọ́ ọn. Obìnrin tó ń rán ẹ̀wù náà yóò pàdánù iṣẹ́, a ó sì lọ ra ti ibòmíràn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni àdéhùn tó ní òfin nídìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé kan lórí ààbò ilé àti iná. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i lé ní 200. Ẹnjiníà tó dá dúró ló ń yẹ ilé wò, wọ́n ń kéde ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ayé, ẹni tó bá sì kọ̀ láti tún ilé rẹ̀ ṣe kò ní rí iṣẹ́ gbà mọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè pe ẹni tó bá yẹ àdéhùn lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà kò sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ béèrè 23,000 táká lóṣù. 12,500 ni wọ́n fún wọn, ẹ̀mí sì bọ́ nínú ìwọ́de.

Kò sí ẹni tó lè mọ gbogbo ọwọ́ tó kan aṣọ rẹ̀, Ọlọ́hun kò sì di ẹrù tó ju agbára lọ ru ọkàn kan. Ọ̀rọ̀ epo lájà tí a sọ níṣàájú kò bá ìyá tó ra ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ní àtẹ. Ó bá àwọn kan nínú wa tí wọ́n ń lọ pàṣẹ ọjà ní Ṣáínà àti Tọ́kì. Ẹ̀yin ni ilé-iṣẹ́ ńlá nínú ìtàn yìí. Kí ẹ tó fún aránṣọ ní ọjọ́ mẹ́wàá fún iṣẹ́ ogún ọjọ́, ẹ béèrè ẹni tí yóò fi òru ṣe é, àti bóyá yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ má kọ ọjà tó jáde bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ nítorí pé dọ́là gbówó lórí.

Ọdún Iléyá sì ń bọ̀. Àwọn tẹ́lọ̀ àdúgbò wa ń gba ẹgbẹ́jọdá lọ́wọ́ wa, a ń fún wọn ní ọjọ́ tí kò ṣeé ṣe, a sì ń ní kí wọ́n padà wá gba owó lẹ́yìn ọdún. Ẹni tó bá jẹ tẹ́lọ̀ lówó láti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, kí ó san án kí ó tó gbé aṣọ tuntun lọ.

Ọlọ́hun, ṣàánú fún àwọn tó kú sí Ránà Pláásà, fi ìwòsàn fún àwọn tó fara pa, má ṣe jẹ́ kí owó alágbàṣe kankan wà lọ́rùn wa ní ọjọ́ tí a óò pàdé Rẹ. Àmín.

Ẹ dìde, kí a to sàfú, kí a kírun.