ẸNI TÍ A FI ILÉ ṢỌ́ ÀTI Ọ̀YÀ RẸ̀

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 22:7–15, Jẹ́nẹ́sísì 31:36–42



Oṣù Kejìlá ti dé, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ lórí Òkè Pátì. Láìpẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa yóò wọkọ̀ kúrò ní Lọ́kọ́ja lọ sílé, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ìjẹ̀bú, àti àwọn Èkìtì tí yóò gba ọ̀nà Kàbà. Gbogbo wa ni a óò fi ilé sílẹ̀, àwọn kan nínú wa yóò sì fi ẹran ọ̀sìn àti ebè ẹ̀fọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a óò fi nǹkan wọ̀nyí ṣọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé lọ́dọọdún ní oṣù Kínní ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń dé iwájú àwọn alàgbà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arákùnrin kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lókóńgómà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fi ewúrẹ́ mẹ́ta, adìẹ mẹ́wàá, ajá kan àti ebè tẹ̀tẹ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti ₦10,000, ó sì wí pé, “Bí mo bá dé, màá rí ọ.” Kí ó tó dé, ewúrẹ́ kan ti kú, olè ti jí èkejì gbé, ẹ̀fọ́ sì ti gbẹ. Bàbá ní kí ọmọ náà san owó ewúrẹ́ méjèèjì. Ọmọ náà dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi àti èèrí ni ₦10,000 yẹn bá lọ. Ẹ kò tíì fún mi ní kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ tí mo ṣe.” Àwọn alàgbà jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Olóòótọ́ ni àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ọ̀yà ni ₦10,000 náà tàbí owó oúnjẹ ẹran.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí òfin Mósè ti ṣe ẹjọ́ irú èyí. Nínú Ẹ́kísódù orí 22, bí ènìyàn bá fi owó tàbí ohun èlò pamọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, tí olè sì jí i, tí a kò rí olè náà, aládùúgbò kò ní san án. Yóò wá síwájú Ọlọ́run láti fi hàn pé òun kò fi ọwọ́ òun kan ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ díẹ̀ sí i, nígbà tí ó kan ẹran ọ̀sìn, òfin náà yàtọ̀. Bí ẹran bá kú, tàbí tí ó farapa láìsí ẹni tí ó rí i, ìbúra ni yóò wà láàrin àwọn méjèèjì, ẹni tí ó ni ẹran yóò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹranko búburú bá fà á ya, kí olùtọ́jú mú ohun tí ó kù wá ṣe ẹ̀rí, kò ní san nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá jí i ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò san án.

Èéṣe tí olè kan náà fi mú kí ẹnì kan búra, tí ó sì mú kí ẹnì kejì sanwó? Àwọn olùkọ́ òfin àwọn Júù ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀, wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé tí à ń pè ní Míṣínà, tí wọ́n ṣà jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó ń bá ni tọ́jú nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ti èkejì sì ni ẹni tí ó ń gba owó. Ẹni tí kò gba nǹkan, ìbúra pé òun kò ṣe àìbìkítà ti tó. Ẹni tí ó gba ọ̀yà, a ti san owó ojú tí kò níí sùn fún un, nítorí náà olè àti sísọnù wà lọ́rùn rẹ̀. Ikú àti ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ nìkan ni ìbúra lè gbà á là níbẹ̀.

Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará, nítorí ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Nígbà tí ó bá kan owó, a óò ní, “Ṣé ará kọ́ ni wá ni?” Nígbà tí nǹkan bá sọnù, a óò fẹ́ kí ọmọ náà san án bí ẹni pé alágbàṣe ni. Kò lè jẹ́ méjèèjì. Bí ìwọ kò bá san ọ̀yà, olóore ni ẹni náà, ohun tí o sì lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni òótọ́. Bí ìwọ bá fẹ́ kí ó dáhùn fún olè, sanwó fún un, kí o sì sọ fún un kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ pé ohun tí owó náà dúró fún nìyẹn.

Lábánì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Jékọ́bù sìn ín fún ogún ọdún, Lábánì sì yí ọ̀yà rẹ̀ padà ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹran tí ẹranko búburú fà ya pàápàá, Jékọ́bù ni ó fara mọ́ àdánù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a jí lọ́sàn-án àti lóru. Ohun tí òfin ìgbẹ̀yìn wá yọ kúrò lọ́rùn olùtọ́jú, Lábánì ti gbà á lọ́wọ́ àna rẹ̀. Àwọn Lábánì kan wà lórí àga ìjọ yìí, a kì yóò dárúkọ wọn.

Nítorí náà, kí a pín owó sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ilé arákùnrin wa yẹn ṣe ìṣirò. Ní àkókò ọyẹ́, ewúrẹ́ mẹ́ta lè mu nǹkan bí lítà mẹ́wàá omi lóòjọ́, adìẹ mẹ́wàá lè mu lítà mẹ́ta, ajá yóò mu díẹ̀. Ebè tí ó gùn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tí ó fẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, yóò gba nǹkan bí lítà ogún, ìdajì lówùúrọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ mẹ́ruwà lóòjọ́ nìyẹn, ó sì di kẹ́ẹ̀gì 42 ní ọjọ́ 21. Bí a bá rò ó ní ₦100 fún kẹ́ẹ̀gì kan, omi nìkan jẹ́ ₦4,200. Bí a bá fi èèrí, àgbàdo àti oúnjẹ ajá kún un, ₦10,000 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ náà kò jalè. Kí a kó owó oúnjẹ lé e lọ́wọ́ lọ́tọ̀, kí ó máa kọ ohun tí ó ń rà sílẹ̀, kí ó sì dá èyí tí ó ṣẹ́ kù padà. Lẹ́yìn náà ni kí a sọ̀rọ̀ ọ̀yà. Bí ẹ bá fi ẹnu kò sí ₦1,000 lóòjọ́, ₦21,000 ni. Kí a san ìdajì rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ń lọ, kí a sì san ìyókù ní ọjọ́ tí a dé, kí a tó tú ẹrù.

Ti ikú ẹran, ọgbọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọyẹ́ ni ó sábà máa ń bá àrùn tí ń pa adìẹ tán nínú ọgbà wá. Adìẹ á sorí kọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á sọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí àwọ̀ ewé, ọrùn òmíràn á sì lọ́. Bí ó bá ti wọlé, kò sí olùtọ́jú tí ó lè dá a dúró, a kò sì gbọdọ̀ béèrè owó adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí onílé ti lọ gba àjẹsára fún wọn, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò, nítorí pé àjẹsára tí a fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ kò tíì gba agbára. Ewúrẹ́ tí imú àti ojú rẹ̀ ń ṣomi, tí ó ń ṣu gbuuru, kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹran bá sì kú, kí olùtọ́jú pe onílé lórí fóònù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ó pe aládùúgbò kan wá wò ó, kí ó ya àwòrán rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó rì í mọ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ pa á tà. Ní ti ajá, kí olùtọ́jú fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ fún bí ọjọ́ márùn-ún níṣojú onílé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lè wọ ọgbà ní ọjọ́ kìíní.

Míṣínà yẹn sọ ohun kan sí i tí ó bá ìlú wa mu. Ó ní bí ìkookò kan bá wá, kì í ṣe ohun tí ó ju agbára lọ, nítorí pé olùṣọ́ lè lé e. Bí ó bá di méjì, ó ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn-àjò ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ẹ ro ti odò. Ní 2012 àti ní 2022 omi bo Adáńkólò, ó sì gé ọ̀nà Gánájà. Ìkookò kan ni omi tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, olùtọ́jú tí a ti fi ibi gíga hàn yóò kó ewúrẹ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ti sọ ibi tí yóò kó wọn lọ, tí a kò sì fi owó ọkọ̀ sílẹ̀, àwa ni a fi ìkookò kejì kún un.

Ó ku ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ní 1841, àwọn òyìnbó tí Àjàyí Kráúdà bá gòkè odò wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá ti Ídà, wọ́n sì dá oko àwòṣe sílẹ̀ ní àgbègbè wa yìí. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọkọ̀ sá padà sí òkun, wọ́n sì fi oko sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ kan padà wá ní 1842, kíkó ni ó kó àwọn ènìyàn náà kúrò, oko náà sì parí. Ti àwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè bàjẹ́, òkú lè ṣẹlẹ̀ nílé, ọjọ́ 21 sì lè di 28. Kí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí ó bá lé, iye kan náà ni a óò san fún un, a óò sì fi owó oúnjẹ ọjọ́ wọ̀nyẹn ránṣẹ́ sí àkáǹtì olùtọ́jú kí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó tán.

Ìwé ojú kan ti tó fún gbogbo èyí: iye ẹran, ọjọ́ lílọ àti bíbọ̀, owó oúnjẹ, ọ̀yà, ẹni tí olè wà lọ́rùn rẹ̀, ibi tí ẹran yóò sá sí, àti orúkọ aládùúgbò tí yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun kọ ọ́, kí ó wá sí fẹ́sìtírì lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó sì mú ẹni tí yóò ṣọ́lé náà dání. A kì yóò kọ ọ́ bí ẹnì kan nínú wọn kò bá sí níbẹ̀.