Orúkọ Ni Ẹ̀bẹ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Oríkì Gbàdúrà

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ní Odò-Ẹrẹ̀ níbí, pàápàá àwọn tó lọ sí yunifásítì bíi tèmi. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ olówó, á kọ́kọ́ kì í, orí olówó á wú, ọwọ́ á sì yọ owó. Ṣé kì í ṣe ohun tí à ń fi oríkì ṣe fún òrìṣà náà nìyẹn? Ṣé a kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tan òrìṣà jẹ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀tàn ni oríkì, a jẹ́ pé òpùrọ́ ni wá lójúbọ, òrìṣà tó ń gba irú ẹ̀ sì jẹ́ òmùgọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí n tó sọ ìdí ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń hun oríkì tó jẹ́ àdúrà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì ọmọ ọwọ́, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀ wà. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé pé oríkì ọmọ lè sọ ohun tí ọmọ náà jẹ́, ó sì lè sọ ohun tí a ń retí kó dà. Àjàní ni ọmọ tí a jà kí a tó ní. Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ tí a bẹ̀ láti kẹ́. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń pe Àbẹ̀kẹ́ kò sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kẹ́ ọmọ yìí." Orúkọ lásán ló pè. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lójúbọ. Ohun tí a fẹ́ kí òrìṣà ṣe, a ò ní kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. A ó mú ọ̀rọ̀ ìṣe náà, a ó fi "a" síwájú ẹ̀, á sì di orúkọ. Ẹni tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ ń fẹ́ kí a bá òun pa ọjọ́ ikú dà. Nígbà tí awo bá pe Ọ̀rúnmìlà ní A-pa-ọjọ́-ikú-dà, ẹ̀bẹ̀ ti wọlé, a ò tíì sọ pé "gbà wá." Ohun tó jẹ́ ìrètí lẹ́nu ẹni tó ń tọrọ ti di ìwà lára ẹni tí a ń pè. Ó yàtọ̀ sí ìtọrọ lásán. Ẹni tó tọrọ lè gbọ́ "rárá." Ẹni tó pe orúkọ ń rán olórúkọ létí ohun tó ti ṣe rí.

Ìtò rẹ̀ kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, ìbà: a júbà fún Olódùmarè, fún ilẹ̀, fún àwọn tó ṣáájú wa. Lẹ́yìn náà, orúkọ tó sọ ẹni tí òrìṣà jẹ́ àti ibi tó ti wá. Ìkẹta, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó bá ohun tí a wá ṣe mu. Ìkẹrin, ẹni tó ń gbàdúrà á pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìran rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀bẹ̀ tó máa ń wá, ẹ̀bẹ̀ náà kì í sì í gùn, gbólóhùn kan tó. Ká fi obì béèrè bóyá ó gbà, ká sì dákẹ́.

Ẹni tó ń sọ pé ìpọ́nni ni, kó wo orúkọ Ògún kan ṣoṣo: Onírè. Ní Ìrè-Èkìtì, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ògún ti ogun bọ̀, ó bọ́ sí ọjọ́ tí gbogbo ìlú péjọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọhùn. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Inú bí i, ó fa idà yọ, ó pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tó mọ ohun tó ṣe, ó wọlẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní "Onírè," oyè ni a pè, ọjọ́ burúkú náà sì wà nínú oyè. A ò fi pamọ́ fún un. Ta ló ń tan ẹnìkan jẹ tó tún ń rán an létí àṣìṣe tó dun ún jù láyé? Oríkì ń sọ gbogbo ẹni tí òrìṣà jẹ́, èyí tó dáa àti èyí tó ń dẹ́rù bà wá.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà, nítorí kì í ṣe gbogbo orúkọ la ń pè fún gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Awakọ̀ kan wá bá mi láàárọ̀ kùtù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ ńlá tí yóò máa fi kó sìmẹ́ńtì láti Ọbajànà gba Kàbà. Ó ní òun fẹ́ bọ Ògún kí òun tó gbéra, kí ẹ̀jẹ̀ má ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti há oríkì sórí látinú fídíò kan lórí fóònù. Mo ní kó máa kì í lọ. Ó kì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n orúkọ ogun ni púpọ̀ nínú ẹ̀: orúkọ ọ̀bẹ, orúkọ oró, èyí tó sọ pé ó fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ nígbà tí omi wà nílé. Ó wá parí ẹ̀ pé, "Má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́jẹ̀ o." A ju obì olójú mẹ́rin sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀. A tún un jù, kò yí padà.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bàbá, ṣé Ògún kọ̀ mí ni?"

Mo ní, "Ògún tó o pè ló dá ẹ lóhùn. O pe jagunjagun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o wá ní kó má jagun. Kí lo ń wá gan-an?"

Ó ní, "Ọ̀nà."

Mo ní, "Ta ló la ọ̀nà fáwọn òrìṣà?" Ó mọ ìtàn yẹn: nígbà tí wọ́n ń ti òde ọ̀run bọ̀, igbó dí, kò sẹ́ni tó lè kọjá, Ògún nìkan ló ní àdá irin tó ṣán an. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀. Mo ní, "Orúkọ ọjọ́ yẹn ni kó o pè. Alágbẹ̀dẹ, A-la-ọ̀nà, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀. Mẹ́ta péré tó, tó bá jẹ́ òun lo ń wá."

Ó gbà. Ó kù kó pe ara rẹ̀. Ó pe orúkọ tó ń jẹ́ níléèwé, ó dákẹ́. Mo bi í ní oríkì, kò mọ̀ ọ́n. Mo bi í ní ti bàbá bàbá rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jà sí ilẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fò ó." Mo ní kò ṣeé fò. Ọlọ́nà ò lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́.

Ó jókòó pẹ́ kó tó tẹ fóònù. Bí màmá náà ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, kò béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ní, "Àjàní." Ó tún un pè. Ọkùnrin náà ò lè fọhùn. Màmá yẹn ló wá kì í fún wa lórí fóònù: ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ a-rọ-ọkọ́-fópó-má-gbowó, ọmọ ẹni tó ní irin tí ò bá dáa kò gbọdọ̀ jáde nílé arọ. Mo bojú wò ó. Mo ní, "Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Táyà ọkọ̀ tó o fẹ́ wà ńkọ́?" Ó wolẹ̀. Ó ní méjì iwájú ti fá, ó ní ọ̀gá òun sọ pé kí òun ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí. Orúkọ tí a bá pe òrìṣà ń de òrìṣà, ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá pe ara wa ń de àwa náà. Ẹni tó ní òun lọmọ ẹni tí kì í jẹ́ kí irin burúkú jáde nílé, kò lè gun ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ fá, kó wá ní kí Ògún dúró fún òun. Ẹ̀tàn tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ apá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbàdúrà ló ti máa ń wá: nígbà tó bá pe orúkọ tí kò mọ ìtàn rẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ orúkọ tí kò fẹ́ hùwà rẹ̀.

Karin Barber, tó bá àwọn ará Òkukù gbé ní àwọn ọdún 1970, kọ ọ́ ní 1981 pé ìtọ́jú àti ìkì ènìyàn ló ń sọ òrìṣà di ńlá. Àwọn kan bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ṣáájú: bí ènìyàn ò sí, ìmọlẹ̀ ò sí. Ohun tí èmi á fi kún un ni pé ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ògún tí wọn ò kí ní Ìrè di apànìyàn. Awakọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń pè é ní Àjàní mọ́, táyà tó fá kò já mọ́ nǹkan lójú ẹ̀.

A tún ju obì náà lẹ́yìn tó ti pe ara rẹ̀ tán. Méjì ṣí, méjì dé. Kò gbéra lọ́jọ́ náà o. Ọjọ́ kẹta ló tó lọ, nígbà tó ra táyà tán. Kó tó lọ, ó kọ́kọ́ yà kí màmá yẹn nílé.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.