Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Ìbéèrè Tó Ń Sọ Ọ́ Di Odindi

Kò sí Yorùbá tí kò mọ òwe tó ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo òwe yìí bí ẹni pé ó ní kí ọmọlúàbí máa méfò: kí ó gbọ́ díẹ̀, kí ó fi làákàyè tirẹ̀ dí ìyókù, kí ó má sì da ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ láàmú. Lójú tèmi, òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ á di odindi, kò ní ẹni tó gbọ́ ọ ni yóò dá a parí. Láàárín ààbọ̀ àti odindi, iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà kà kún ìwà ọmọlúàbí, iṣẹ́ náà ni ìbéèrè. Ibi tí èyí ti hàn jù ni ètò ìkómọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún kò sùn dáadáa, ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sì máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rẹ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Igando ni bàbá ìkókó ń gbé, Egbeda ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, ẹgbẹ́ sì ni wọ́n. Bàbá ìkókó pè é lórí fóònù: “Ìkómọ wa di Sátidé. Jọ̀ọ́, bá mi wá kánópì àti àga, kí o sì bá ìyá alásè sọ̀rọ̀. Èèyàn bí àádọ́ta náà ni.” Gbólóhùn yìí dà bí èyí tó pé. Ẹni tó bá fẹ́ràn àtisáré yóò kàn dáhùn pé ó ti gbọ́, yóò sì gba ọjà Ikotun lọ. Ọ̀rẹ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ kí i kú oríire, ó kí i kú ewu ọmọ, ó wá ní: “Bàbá Ìkókó, ṣé Sátidé ni ọjọ́ kẹjọ, àbí torí pé kò síṣẹ́ lọ́jọ́ náà?” Ó ní ọjọ́ kẹjọ ni, Sátidé tó kọjá ni wọ́n bí i. “Aago mélòó?” “Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀.” “Bàbá ìyàwó ẹ tí wọ́n jẹ́ àáfà ńkọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ń kà ní tiwọn?” Bàbá ìkókó dákẹ́. Kò tíì rò ó débẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn lè sọ pé arínifín ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an mọ́ iye ọjọ́, nítorí náà Sátidé sí Sátidé jẹ́ ọjọ́ 8. Ní ti àwọn Mùsùlùmí, ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ ni ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ Sátidé sì ti bọ́ sínú Sọ́ńdè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ láti Sọ́ńdè yẹn, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ yóò já sí. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú ìkà méjèèjì. Ohun tí yóò bàjẹ́ ni kí ìdílé ọkọ ti sọ ọmọ lórúkọ ní àárọ̀ Sátidé, kí àna sì dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú oyin àti obì lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fóònù ló lè dènà ìyẹn, kí a sáà ti bi í kó tó pẹ́ jù.

Bí a bá tún wo bí àwọn baba wa ti ń sọ ọmọ lórúkọ, a óò rí i pé ìbéèrè ló gbé ètò náà ró. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921 pé ọjọ́ 9 ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ 7 ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ 8 sì ni ti ìbejì takọtabo. Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò lè dá ọjọ́ láìkọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n bí. Nígbà tí ọjọ́ 8 wá di ti gbogbo ọmọ, ìbéèrè yẹn pòórá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí nǹkan tó kù láti béèrè. Orúkọ àmútọ̀runwá náà kò ṣeé sọ láìjẹ́ pé a bi ẹni tó gbẹ̀bí léèrè. Ẹsẹ̀ ni ọmọ fi wáyé kí ó tó jẹ́ Ìgè. Ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i kí ó tó jẹ́ Àjàyí. Ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn kí ó tó jẹ́ Òjó tàbí Àìná. Àwọn tó ń ṣe ìkọsẹ̀dáyé tilẹ̀ máa ń lọ béèrè lọ́wọ́ Ifá irú ẹni tó wọlé tọ̀ wọ́n wá kí wọ́n tó fún un lórúkọ rárá. Ta ló wá sọ pé ìbéèrè tako àṣà?

Ọ̀rẹ́ náà bọ́ sórí oúnjẹ. “Àádọ́ta tí o dárúkọ yẹn, ṣé àwọn tó máa jókòó ni, àbí àwọn tó máa jẹun?” Bàbá ìkókó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tí òun pè ni. “Àwọn ayálégbé ilé yín wà níbẹ̀? Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Àwọn ará ibiṣẹ́ ìyàwó ẹ?” Wọ́n tún un kà, ó di 110. Kọ́ńgò ìrẹsì kan, tó jẹ́ bíi kìlógíráàmù kan àtààbọ̀, máa ń tó èèyàn bíi 10 tí a bá bu abọ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kọ́ńgò 5 ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ì bá mú kí ìyá alásè sè, kọ́ńgò 11 ni ọ̀rọ̀ tó di odindi béèrè. Bí oúnjẹ bá tán ní agbedeméjì, ẹni tí ojú yóò tì kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó méfò, bàbá ọmọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka àìbéèrè sí àìbìkítà bó tilẹ̀ wọ aṣọ ìtẹríba: ẹlòmíràn ló máa ń san gbèsè ohun tí a kò béèrè.

Àwọn kan yóò ní bí a bá ń bi ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn ní ìbéèrè tẹ̀léra, ó dà bí ọlọ́pàá tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ̀daràn lẹ́nu wò. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ìbéèrè tí ń dáni lágara pọ̀. Ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n san nílé ìwòsàn, tàbí ìdí tí àbúrò ìyàwó kò fi tíì wá kí wọn, àtojúbọ̀ ló ń ṣe, kì í ṣe ètò. Ohun tí mo fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ rọrùn: bí ìdáhùn bá yàtọ̀, ṣé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe yóò yàtọ̀? Bí a bá bí ọmọ láàárọ̀ tàbí lálẹ́, ọjọ́ lè yí. Bí èèyàn bá jẹ́ 50 tàbí 110, ìkòkò yí. Ṣùgbọ́n iye owó ilé ìwòsàn kò yí àga kan padà, nítorí náà kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Àmì mìíràn tún wà tí a fi ń mọ̀: ẹni tó béèrè nítorí iṣẹ́ máa ń gba ìdáhùn, ẹni tó béèrè kí ó lè di ọ̀gá máa ń bá ìdáhùn jiyàn. Nígbà tí bàbá ìkókó ní pásítọ̀ ni yóò ṣíwájú àdúrà, tí àáfà yóò sì tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ yìí kò sọ èrò tirẹ̀. Ó kàn béèrè ẹni tí yóò sọ fún àwọn méjèèjì ṣáájú, kí ó má baà yà wọ́n lẹ́nu níwájú àwo omi.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ń to ohun tó para pọ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ọ̀rọ̀ sísọ wà níbẹ̀, ìtẹríba wà níbẹ̀, ọpọlọ pípé náà sì wà níbẹ̀. Mo gbà pé ìbéèrè tó dára ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tó ń méfò lè ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n ìtẹríba rẹ̀ kò pé, torí ó ti gbà pé òun mọ inú ọmọnìkejì òun ju bí onítọ̀hún ti mọ̀ ọ́n lọ.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí òwe ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti borí ìbéèrè, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ọ̀rẹ́ yìí ti wú mi lórí jù. Ọ̀rọ̀ owó ni. Kò béèrè èló ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé: “Èwo ni kí n kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ fún nínú wọn, ìyá alásè ni àbí oníkánópì?” Bàbá ìkókó ní kí ó san ti ìyá alásè. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ti oníkánópì á ṣì dúró ná. Ọ̀rẹ́ náà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Kò tún béèrè mọ́. Ó ní: “Inú pálọ̀ yín gbòòrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà. Tí a bá to àga dáadáa, tí àwọn kan bá jẹun tí wọ́n dìde, kánópì ò pọn dandan. Kò tilẹ̀ ní dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò.” Níbí, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi nínú ọmọlúàbí láìsí ìbéèrè kankan, torí pé ohun tó kù láti gbọ́ jẹ́ ohun tí yóò dójú ti ẹni tó bá sọ ọ́. Nípa iṣẹ́, à ń béèrè. Nípa ìtìjú, à ń fi òye gbé e. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, tó ń méfò nípa iye èèyàn, tó sì ń béèrè iye owó, orí ló fi ń rìn.

Ìbéèrè kan ló kù. “Ìyá Ìkókó ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́?” Bàbá ìkókó ní ara ìyàwó òun ń le. “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe bímọ yẹn?” Ìgbà yẹn ló tó jáde pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí. Gbogbo ètò tí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ gbà pé obìnrin náà yóò jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, yóò máa dìde kí àlejò, yóò sì máa kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá ọkọ. Ọjọ́ kẹjọ iṣẹ́ abẹ kò tíì jẹ́ ọjọ́ tí egbò inú ń gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Àga tó ní ẹ̀yìn tó ga, wákàtí kan péré fún ìsọmọlórúkọ, ẹnìkan tí yóò máa sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má retí ìkúnlẹ̀: ohun mẹ́ta yìí kò náwó púpọ̀, àmọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

“Ṣé o ti bi wọ́n bóyá wọ́n lè jókòó?”

“Rárá.”

“Lọ bi wọ́n báyìí. Mi ò ní pa fóònù.”

Bàbá ìkókó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì wọ yàrá lọ.