Ẹni tí kò fẹ́ sọ àti ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ

A máa ń yin ẹni tí kì í tú inú rẹ̀ síta. A ní ó mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́, a ní ìwà àgbà ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́ tí kò sunkún, tí kò sì wí nǹkan kan, ìyìn náà a di ẹ̀sùn: a ní ọ̀dájú ni. Ǹjẹ́ ìdákẹ́ gbogbo ènìyàn ha jẹ́ ọ̀kan náà bí?

Ẹ jẹ́ kí a fi tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ìyá wọn kú, tí àwọn méjèèjì sì dákẹ́ níbi ìsìnkú. Ní alẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bi í léèrè bí ó ti rí lára rẹ̀. Ó ní, “Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi. N kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rí omijé mi ni.” Nígbà tí ìyàwó àbúrò bi ọkọ tirẹ̀, ó ní, “Àyà ń dùn mí. Oúnjẹ kò lọ. Bóyá ibà ni.” “Bàbá Kẹ́hìndé, ṣé ìbànújẹ́ ni, àbí inú ń bí yín sí àwọn ẹbí?” Ó ronú títí. “N kò mọ̀. Nǹkan kan sáà ń ṣe mí.” Lẹ́yìn náà ni ó ka iye àga tí wọ́n háyà àti iye ìrẹsì tí ó ṣẹ́kù, láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tí ó ń ṣe òun, ó sì yàn láti pa á mọ́. Àbúrò kò pa nǹkan kan mọ́. Irú rẹ̀ ni Pítà Sífínéọ́sì, oníṣègùn ọpọlọ ní ìlú Bọ́sítìnì, kíyè sí láàárín àwọn aláìsàn rẹ̀, tí ó sì fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ lórúkọ ní nǹkan bí ọdún 1972: alẹsitimí, àìsí ọ̀rọ̀ fún ohun tí ọkàn ń mọ̀ lára. A kì í kà á sí àrùn fúnra rẹ̀. Ó wà lára àwọn kan púpọ̀, ó wà lára àwọn mìíràn díẹ̀.

Èdè wa lè fi í pa mọ́, nítorí pé ara ni a fi ń sọ ọ̀ràn ọkàn: àyà wa a já, ojú a tì wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní inú ń bí òun mọ̀ pé kì í ṣe ikùn ni òun ń sọ. Ó mọ ẹni tí ó ṣẹ òun. Ẹni tí a ń wí yìí a ní inú ń run òun, a sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Àwọn onímọ̀ ní ìbéèrè 20 tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá gba 61 sókè nínú 100 ni wọ́n kà mọ́ ọn. Àlébù rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí kò rí inú ara rẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè ohun tí ó wà níbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe gbà pé ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹni tí ń bá a gbé pẹ̀lú.

Bí a bá fi agbára mú ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, a rú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí a bá fi mú àbúrò, gbèsè tí kò ní lọ́wọ́ ni a ń sìn. Ìyàwó rẹ̀ yí ìbéèrè padà: ìgbà wo ni àyà náà máa ń dùn? Ó ní, “Bí mo bá rí àpótí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sí ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀ mọ́.”