Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Abiyamọ Tuntun Kúrò Nílé Lọ Sinmi?



Lẹ́yìn ìpàdé wa kan ní Ọ̀fà níbí, ọ̀rọ̀ kan dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí fẹ́ gba yàrá síbì kan fún òru mẹ́ta kí wọ́n lè sinmi. Ìyá ọkọ kò fẹ́. Ó ní ẹni tó ní ilé, tó ní ìyá ọkọ, kí ló ń wá lọ sí ilé àlejò? Àwọn kan nínú wa ní àṣà òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni ìyàwó náà. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti rò ó dáadáa, mo sì fẹ́ sọ èrò mi.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ti ṣe tọ́jú àwa náà. Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á wá wẹ ọmọ. Fún nǹkan bí ọjọ́ 40, abiyamọ kì í pọnmi, kì í lọ sóko. Wọ́n á gbé omi gbígbóná àti oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ. Nínú Lefitiku 12 pàápàá, òfin ya ọjọ́ 40 sọ́tọ̀ fún ẹni tó bí ọkùnrin, àti ọjọ́ 80 fún ẹni tó bí obìnrin. Nítorí náà, ìsinmi abiyamọ kì í ṣe ti òyìnbó. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń gbé ẹrù náà. Ìyá àgbà òde òní ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà, tàbí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lè lò. Bó bá ti lọ, àlejò ìkíni kò tíì tán, abiyamọ náà ló sì ń dìde láti dáná fún àwọn tó wá kí i.

Nípa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kúrò nílé ni kí a máa bi ara wa. Ìbéèrè mi ni pé, níbi tí wọ́n ń lọ, ta ni yóò gbé ẹrù náà? Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ni yóò máa fọ aṣọ ìlédìí ọmọ tí yóò sì máa wá oúnjẹ kiri, àyè nìkan ló yí padà, kò sinmi. Ọkọ pẹ̀lú kò tíì sùn, òun náà nílò ìsinmi. Ohun tí mo gbà wọ́n níyànjú ni pé kí wọ́n pín òru. Bí ìyá bá ti fún ọmọ lọ́mú ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, kí bàbá gbà á, kí ó gbé e léjìká títí yóò fi gùnfẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá ké fún ọmú nìkan ni kí ó jí ìyá. Bó bá di ìdájí, kí bàbá náà sùn.

Ìbéèrè kejì ni ti ìtọ́jú. Ìkọ́gòsì ní ilẹ̀ Èkìtì ni ọkọ fẹ́ lọ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ibẹ̀ dára lójú. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, “Bí ara ọmọ bá gbóná ní aago méjì òru, níbo lẹ ó gbé e gbà?” Kò rí èsì. Mo ní kí wọ́n dúró ní Ọ̀fà, nítòsí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn lọ béèrè ṣáájú bóyá dókítà ń wà níbẹ̀ lóru, bóyá wọ́n sì ń gba ìkókó. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ni a ń gbà dé Ìlọrin, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì wà. Nítorí náà, kí awakọ̀ kan tó gbà láti jí lóru ti wà nílẹ̀, kí owó ìtọ́jú sì wà lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Wọ́n gbà. Wọ́n dúró di ìgbà tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n yẹ ìfúnpá ìyá wò, tí ọmọ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó lọ, nítorí abẹ́rẹ́ yẹn lè mú ara ọmọ gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà, kí ìyá má bàa máa gun àkàsọ̀. Wọ́n béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn lójú oorun láìjẹ́ pé ó gbóòórùn. Èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n mú àwọ̀n ẹ̀fọn lọ, àti káàdì ìyá àti ti ọmọ. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bó bá ń sùn, lórí ibùsùn tirẹ̀ tí kò rọ̀ jù.

Àmì díẹ̀ ni mo ní kí wọ́n mọ̀ sórí. Bí ọmọ bá kọ ọmú, bí tẹmómítà abẹ́ apá bá dé 37.5, tàbí bó bá ń mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n má sì sọ pé abẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá rin páàdì gbingbin láàrin wákàtí kan, tàbí bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí wọ́n gbéra lójú ẹsẹ̀.

Àmì kan tún wà tí ìsinmi fúnra rẹ̀ máa ń fi hàn. Ẹni tó rẹ̀, bó bá ráyè sùn, ara á tù ú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sùn, tí ilé sì dákẹ́, tí ìyá kò lè sùn síbẹ̀, tó ń sunkún láìnídìí fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tó ń sọ pé òun kì bá má sí láyé, àárẹ̀ nìkan kọ́ nìyẹn. Àìsàn ọkàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kí a má pè é ní ọ̀lẹ. Kí a má sì pè é ní àìnígbàgbọ́. Àdúrà wa kò dí dókítà lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó náà fi fóònù pe ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Ẹ wá bá wa gbé ọmọ yín díẹ̀.” Màmá gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja wá, ó gbé ọmọ fún wákàtí méjì tí àwọn méjèèjì fi sùn, ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí a tún pàdé, ó sọ fún wa pé òun kò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Èrò mi nìyí: ó tọ́ kí wọ́n lọ, bí ẹlòmíràn bá gbé ẹrù náà, tí ìtọ́jú sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lówó ilé àlejò. Obìnrin ará Ṣúnémù nínú Àwọn Ọba Kejì orí kẹrin kò ṣe ju yàrá kékeré kan lọ fún Èlíṣà, tó gbé ibùsùn, tábìlì, àga àti fìtílà sí i. Ta ni nínú wa tó ní yàrá kan tó ṣófo nítòsí ilé ìwòsàn? Kí ó wá sọ fún akọ̀wé wa. Kí Olúwa fi ìsinmi fún gbogbo abiyamọ wa. Àmín.