Ìṣẹ́jú Àáyá Bílíọ̀nù Kan

Lóru, tí iná bá lọ tí gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́, aago ara ògiri nìkan ni mo máa ń gbọ́. Kó, kó, kó. Ìró kan, ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù jọra jù létí wa. Lẹ́nu, bí ìbejì ni wọ́n ṣe ń dún. Kí ni aago yóò sọ nípa wọn?

Ká ní a bí ọmọ kan bí aago méjìlá òru ṣe lù, tí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2010 sì bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan, 86,400 ló sì wà nínú ọjọ́ kan. Mo fi 86,400 pín mílíọ̀nù kan, ó fún mi ní ọjọ́ 11, wákàtí 13, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ 12, kí aago méjì ọ̀sán tó lù, mílíọ̀nù rẹ̀ àkọ́kọ́ ti pé. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Bílíọ̀nù ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún irú mílíọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 11 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ yẹn wá di ọjọ́ 11,574. Bí a bá fi 365 pín in, a ó rí ọdún 31 àti ọjọ́ 259. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣì í, nítorí mo gbàgbé Fébúrárì tó máa ń ní ọjọ́ 29. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni irú rẹ̀ wáyé láàárín 2010 sí 2041. Mo yọ ọjọ́ mẹ́jọ náà kúrò, ó ku ọdún 31 àti ọjọ́ 251.

Ọmọ yẹn lo ìgbà ọmọdé, ó di ọ̀dọ́, síbẹ̀ ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 15 àti oṣù mẹ́wàá, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì bílíọ̀nù. Bílíọ̀nù náà yóò pé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2041, nígbà tí aago kan òru bá fi ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 kọjá.

Mo ń wò ó lọ́kàn mi lóru ọjọ́ náà, ó ti di àgbàlagbà, bóyá ó ń fi ọwọ́ rẹ ọmọ tuntun tirẹ̀ tó jí. Bílíọ̀nù ti pé fún bàbá. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ sí mílíọ̀nù kan.