Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Wo Ni Ká Gbé Mì?

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbà pé òwe yìí ló ní kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú íméèlì. Èmi gbà pé òótọ́ ni òwe náà. Ohun tó kù ni ká mọ àbọ̀ tó yẹ ká sọ àti èyí tó yẹ ká gbé mì.

Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé tó ń ṣètò owó oṣù. Ó ń retí àkọsílẹ̀ wákàtí àfikún iṣẹ́ àwọn awakọ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá kan tó jẹ́ alábòójútó wọn, tó sì ju akọ̀wé náà lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Àkọsílẹ̀ kò dé. Inú bí akọ̀wé, ó kọ ọ́ báyìí:

“Títí di ìsinsìnyí, ẹ kò tíì fi wákàtí àwọn awakọ̀ ránṣẹ́. Gbogbo oṣù lẹ máa ń ṣe báyìí. Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí.”

Ó tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kà á kó tó lọ, ó ní ó le jù. Akọ̀wé bá tún un kọ:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ilé ńkọ́? A dúpẹ́ fún àtìlẹ́yìn yín nígbà gbogbo. Tí kò bá ní ni yín lára, bóyá ẹ lè bá wa wo ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ yẹn nígbà tí ààyè bá yọ.”

Èyí dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo ni “ọ̀rọ̀ yẹn”? Ìgbà wo ni ààyè yóò yọ? Ìyá náà yóò kà á, yóò rò pé kò sí ìkánjú, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, ohùn àti ojú wa ni yóò sọ àbọ̀ tó kù fún un. Íméèlì kò ní ojú. Òtítọ́ wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, ẹni tó sì fi ọjọ́ tó fẹ́ gba nǹkan pamọ́ nítorí kó má baà dà bí aláìmọ̀wàáhù kò tíì sọ òtítọ́ tán.

Ẹ padà wo èyí àkọ́kọ́. “Ẹ fi ránṣẹ́” kọ́ ló dunni níbẹ̀. “Gbogbo oṣù lẹ máa ń ṣe báyìí” ló dunni, nítorí ìwà ìyá náà ló ń dá lẹ́jọ́, àti ẹ̀dà ọ̀gá, tó sọ ìbéèrè di ìfẹjọ́sùn. Ẹ̀sùn ni àbọ̀ tó yẹ ká gbé mì. Ìbéèrè ní láti jẹ́ odidi. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ rèé, pẹ̀lú àkọlé “Wákàtí àfikún iṣẹ́ awakọ̀: kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀”:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi wákàtí àfikún iṣẹ́ àwọn awakọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti oṣù yìí ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24, tó lù. Ọ̀sán ọjọ́ náà la ó ti ìwé owó oṣù. Bí tiwọn kò bá sí nínú rẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó rí owó náà. Bí ohunkóhun bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ lónìí, ká jọ wá nǹkan ṣe sí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́” ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ló sì wà. “Ẹ bá mi” sọ àṣẹ di ìrànlọ́wọ́, síbẹ̀ ọjọ́ àti aago kò yẹ̀. Ìdí tí a fi ń yára kò kan ẹ̀bi ẹnikẹ́ni: owó àwọn awakọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní Nàìjíríà, wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e, nítorí náà àtúnṣe ẹ̀yìn ọjọ́ kì í rọrùn.

Kí a tó fi ránṣẹ́, kí a fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká bi í pé: kí ni wọ́n ń béèrè, ìgbà wo sì ni wọ́n fẹ́ ẹ? Bí kò bá lè dáhùn, ìtẹríba ti bo ìbéèrè mọ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àrífín ni kí ọmọdé dá ọjọ́ fún àgbà. Mi ò gbà. Àrífín tó tóbi jù ni kí ọjọ́ owó oṣù pé, kí awakọ̀ mẹ́fà dúró síwájú ìyá náà kí wọ́n máa béèrè owó wọn, kó má sì mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tó ti kọjá lórí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń pẹ́ lóṣooṣù, ó yẹ ká sọ ọ́. Kí àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ dé ná, kí akọ̀wé wá lọ bá a níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, kí ó kí i dáadáa, kí ó sì bi í léèrè ohun tó ń fà á.